Àwòrán yàrá wọlé, ọ̀rọ̀ kò tẹ̀lé e: ṣé kí n wò ó ni, àbí kí n tún un yà?

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù dáadáa nígbà tí fóònù mi dún. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ọ̀yọ́, ló fi nǹkan ránṣẹ́. Mo ṣí i. Ewé kan tí wọ́n já láti inú ìwé ọmọléèwé ni mo rí, wọ́n fi báírò ya ojú yàrá kan sí i. Ìlà mẹ́rin fún ògiri, àlàfo kan fún ẹnu ọ̀nà, àpótí ńlá tí wọ́n kọ "bẹ́ẹ̀dì" sí, àpótí tóóró tí wọ́n kọ "wọ́dúróòbù" sí ní ọ̀kánkán ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà, àti tábìlì lábẹ́ fèrèsé. Wọ́n kọ 12 sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n kọ 10 sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó parí. Kò sí "ọmọ mi, báwo ni", kò sí "bá mi wò ó", kò sí "bá mi tún un ṣe".

Pílánù ilé ni mo ń yà jẹun, nítorí náà irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Àwọn tó ń kọ́ ilé ń fi ránṣẹ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá ń fi ránṣẹ́, àwọn káfíńtà pàápàá ń fi ránṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sọ ohun tí wọ́n fẹ́, torí pé lójú tiwọn, àwòrán náà ti sọ ọ́. Ẹni tó bá ti jókòó fún ìṣẹ́jú 20 tó ń ya yàrá rẹ̀ ti rò ó dé ibi tí kò fi mọ̀ mọ́ pé inú orí òun nìkan ni ìbéèrè náà wà.

Àwọn baba wa náà máa ń ránṣẹ́ láìsọ̀rọ̀. Àrokò ni. Owó ẹyọ méjì tí a so ní ojú kojú, ìrẹ́pọ̀ ló ń sọ. Bí a bá so wọ́n ní ẹ̀yìn kẹ́yìn, àárín ti dàrú nìyẹn. Bí owó ẹyọ bá pé mẹ́fà, ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà mọ́ ẹni tí òun fi í ránṣẹ́ sí, nítorí pé "fà" wà nínú ẹẹ́fà. Àmọ́ kí àrokò tó kúrò nílé, ẹni tó rán an àti ẹni tó máa gbà á ti jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwòrán yàrá kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí èèyàn méjì fi lè fi àwòrán kan náà ránṣẹ́, kí ohun tí wọ́n ń fẹ́ sì yàtọ̀ pátápátá.

Ẹnì kan ń fẹ́ kí n wò ó. Kò tíì dá a lójú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí òun tò á gbà, bóyá ilẹ̀kùn á ṣí, bóyá ibi tí òun gbé orí bẹ́ẹ̀dì sí dára. Bí mo bá tún àwòrán rẹ̀ yà kó mọ́ tónítóní, mi ò tíì dá a lóhùn.

Ẹnì kejì ti pinnu. Kò wá ìmọ̀ràn. Ohun tó fẹ́ ni ìwé tí ẹlòmíì lè kà: káfíńtà, bíríkìlà, lánlọ́ọ̀dù, tàbí ọmọ rẹ̀ tó wà ní òkè òkun tó ń fi owó iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé kí ó gbé tábìlì kúrò níbi tó wà, mo kàn ń fi àkókò àwa méjèèjì ṣòfò ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ọkùnrin kan fi àwòrán ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ránṣẹ́, ó ya káńtà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn fún un lórí bí káńtà náà ṣe sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, bí àwọn oníbàárà á ṣe máa fara kọ ara wọn, àti ibi tó yẹ kó gbé e sí. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, káfíńtà ti gé pákó. Wọn ò kàn lè ka ọwọ́ ìwé mi ni."

Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá nínú àwòrán ni bóyá ẹni tó yà á ti pinnu tàbí kò tíì pinnu. Àwòrán náà máa ń sọ ọ́ bí èèyàn bá fara balẹ̀ wò ó.

Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ ná. Bí ẹ bá rí "ẹsẹ̀ bàtà 11, ínǹṣì 7", ẹni yẹn ti gbé tépù, ó ti dúró nínú yàrá náà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ń dúró de ìwọ̀n náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tó gún régé bíi 12 àti 10 yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí lánlọ́ọ̀dù tàbí bíríkìlà sọ fún un ló sábà máa ń jẹ́, kò sì tíì wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Bí àwòrán bá tún kọ jíjìn wọ́dúróòbù, iye dúrọ́ọ̀ tó máa wà nínú rẹ̀, tàbí irú pákó tí wọ́n máa lò, ọ̀rọ̀ káfíńtà ni, àtúnyà ni wọ́n ń wá.

Ẹ wá wo ìlà. Ẹni tó ti pinnu máa ń ya nǹkan kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ṣì ń rò ó máa ń ya bẹ́ẹ̀dì síbì kan, á fi báírò wọ́ ọ pa, á tún un yà síbòmíì. Nígbà míì á ya ọfà láti ibì kan dé ibòmíì láìkọ ohunkóhun sí i. Ibi tí báírò ti wọ́ nǹkan pa gan-an ni iyèméjì rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí mímọ́ àwòrán tàn yín jẹ o. Mo mọ olùkọ́ kan tó ń fi rúlà ya gbogbo nǹkan, títí kan ohun tí kò dá a lójú rárá.

Ẹ wá ohun tí kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Àlàfo lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi sílẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà. Àwa tó ń ya pílánù máa ń fi ìlà kan dúró fún ilẹ̀kùn tó ṣí, a ó sì fi ìlà rọ̀bọ̀tọ̀ kékeré hàn bó ṣe ń yí bọ̀ láti ibi tó ṣí sí títí dé ibi tó ti máa ń padé. Bí ìlà yẹn kò bá sí, ẹni náà kò tíì fi ọkàn rìn wọ inú yàrá rẹ̀. Bóyá kò béèrè fún ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tó máa bá a wo ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí.

Mo mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ mo ṣìnà lórí àwòrán Àǹtí. Nọ́ńbà méjì tó gún régé ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ fèrèsé, wọ́n ti kọ́kọ́ ya tábìlì sí apá ọ̀tún, wọ́n wọ́ ọ pa, wọ́n wá yà á sí apá òsì. Mo rí i, àmọ́ oorun ń kùn mí. Mo ní Àǹtí fẹ́ kí n bá wọn sọ ọ́ di àwòrán gidi ni, bóyá kí wọ́n lè fi han ẹnì kan. Mo gbé àwòrán wọn sórí kọ̀ǹpútà, mo tọ ojú ìlà wọn, mo fi àwọ̀ sí i, mo ya àwọn ìrọ̀rí sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì fi ránṣẹ́ ní ààbọ̀ lé ní aago mọ́kànlá. Ó rẹwà, ẹ jẹ́ kí n má purọ́.

Ní òwúrọ̀, Àǹtí pè.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé bẹ́ẹ̀dì yẹn á gbà?"

"Àǹtí, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nìyẹn?"

"Kí ni ǹ bá tún fẹ́ mọ̀? Èwo ni kí n fi ìrọ̀rí ṣe?"

Yàrá kan ni wọ́n ń kọ́ kún ẹ̀yìn ilé fún àbúrò mi, ọmọ wọn ọkùnrin. Ògiri ti dúró, wọn kò tíì fi pílásítà sí i. Àǹtí ti san díẹ̀ nínú owó bẹ́ẹ̀dì onítìmùtìmù ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6, wọ́n sì fẹ́ kí káfíńtà kan náà kan wọ́dúróòbù onílẹ̀kùn méjì, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, tó sì jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí wọ́n ṣe tò ó, orí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí ògiri gígùn kan, wọ́dúróòbù fara ti ògiri gígùn kejì ní ọ̀kánkán ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn ni pé inú ẹsẹ̀ bàtà 10 ni àwọn méjèèjì ti máa jọ pín àyè.

Ẹ jẹ́ ká fi ínǹṣì ṣe é, kó má bàa rú wa lójú. Ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ ínǹṣì 120. Ojú búlọ́ọ̀kù sí ojú búlọ́ọ̀kù ni bíríkìlà wọ̀n nígbà tó sọ 10 fún Àǹtí. Bí pílásítà bá gba ìdajì ínǹṣì lára ògiri kọ̀ọ̀kan, ó ku 119. Tìmùtìmù jẹ́ ínǹṣì 72 ní gígùn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì gùn ju tìmùtìmù lọ: pákó ibi orí àti pákó ibi ẹsẹ̀ á fi nǹkan bí ínǹṣì 4 kún un, ó di 76. Ẹ yọ 76 kúrò nínú 119, ó ku 43. Wọ́dúróòbù á gba 24 nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù láàárín ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù jẹ́ ínǹṣì 19.

Ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù yẹn jẹ́ méjì nínú ẹsẹ̀ bàtà 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì 24. Ilẹ̀kùn oní-24 kò lè ṣí tán nínú àyè 19. Á ṣí díẹ̀, á kọ lu pákó ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á dúró. Ẹ má tíì wá ronú nípa ẹni tó fẹ́ dúró níbẹ̀ mú ṣẹ́ẹ̀tì o. Kí èèyàn tó lè kọjá láìfi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó yẹ kí àyè tó ínǹṣì 24. Bí ó bá fẹ́ tẹ̀ ba kó sì ṣí nǹkan, 30 ló dára.

Kí ló dé tí èmi àti Àǹtí kò fi rí i lórí àwòrán? Mo padà sí fọ́tò náà, mo gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà. Yàrá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wọn gùn tó 3 àbọ̀. Bí 8 bá dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 10, 3 àbọ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lé díẹ̀ lọ. Àgbàlagbà kò lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí Àǹtí yà láìká ẹsẹ̀ kò. Wọn kò purọ́. Bí ọwọ́ gbogbo wa ṣe ń yàwòrán nìyẹn. A máa ń ya ògiri tán, a ó wá ya ẹrù kékeré kí gbogbo rẹ̀ lè rí ààyè, kí a sì lè rí ibi kọ orúkọ wọn sí. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ yìí jẹun wá tọ ojú ìlà wọn láìwọ̀n nǹkan kan, mo fi àwọ̀ sí àṣìṣe náà. Káfíńtà tó bá rí àwòrán mi á tètè gbà á gbọ́ ju ti Àǹtí lọ, torí pé ó jọ iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni àwòrán tó mọ́ ti léwu ju àwòrán báírò lọ: báírò ń sọ fún ojú pé kò tíì parí, èyí tó mọ́ ń sọ pé wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Irú àtúnyà kan wà tó jẹ́ ìdáhùn fúnra rẹ̀, òun ni èyí tí a yà ní ìwọ̀n kan náà látòkè délẹ̀. Àwa máa ń lo 1:50 fún yàrá, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ìwé dúró fún sẹ̀ǹtímítà 50 nílẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè lo ìwé ìṣirò ọmọléèwé tó ní ojú kéékèèké. Ẹ jẹ́ kí ojú kan dúró fún ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Yàrá Àǹtí á gba ojú 24 ní gígùn àti 20 ní fífẹ̀. Ẹ gé bẹ́ẹ̀dì láti inú ìwé míì ní ojú 12 sí 12, kí ẹ fi ojú kan kún gígùn rẹ̀ fún pákó, wọ́dúróòbù ní ojú 8 sí 4, tábìlì bákan náà. Ẹ wá máa tì wọ́n kiri nínú yàrá náà. Kò sẹ́ni tó máa ní láti sọ fún yín pé kò gbà. Ọwọ́ yín á rí i.

Àkíyèsí kan lórí fọ́tò: bí fóònù bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò, apá ìwé tó jìnnà á sún kì, igun yàrá kò ní dúró déédéé mọ́. Nítorí náà, nọ́ńbà tí wọ́n kọ ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má ṣe fi rúlà wá ìwọ̀n ògiri lórí fọ́tò. Ohun tí mo ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì Àǹtí ṣeé ṣe nítorí pé mo fi bẹ́ẹ̀dì wé fífẹ̀ yàrá lórí ìlà kan náà, àṣìṣe náà sì tóbi ju ohun tí fífì fóònù lè fà lọ.

Báyìí, bí àwòrán bá wọlé láìní ọ̀rọ̀, mi ò ní tún un yà lójú ẹsẹ̀, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í gbani nímọ̀ràn. Mo máa ń kọ ohun kan tí mo rí, kí ẹni náà mọ̀ pé mo wò ó, lẹ́yìn náà ni mo máa béèrè ohun kan ṣoṣo. Ohun tí ǹ bá ti kọ sí Àǹtí lálẹ́ ọjọ́ yẹn rèé: "Ẹ kú alẹ́, Àǹtí. Mo ti rí yàrá náà. Mo rí i pé ẹ wọ́ tábìlì pa lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ ṣì ń tò ó ni, àbí ẹ ti tò ó tán, ẹ fẹ́ kí n yà á fún káfíńtà?" Ìbéèrè yẹn kò gba ìṣẹ́jú kan, ó sì rọrùn láti dáhùn ju "kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?" lọ. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà léèrè pé kí ni wọ́n fẹ́, ó lè dà bí ẹni pé ẹ kò fẹ́ ṣe é. Bí ẹ bá béèrè ibi tí iṣẹ́ dé, wọ́n á sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, ohun tí wọ́n ń fẹ́ á sì jáde nínú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń fi àwòrán ránṣẹ́, gbólóhùn kan ti tó: ta ló máa lo àwòrán náà, ibo ni kò sì tíì dá ọ lójú. "Káfíńtà ló máa lò ó, gbogbo rẹ̀ ti pé." "Èmi ni mo fẹ́ fi ra ẹrù, bẹ́ẹ̀dì ló ń dà mí láàmú." Kí o sì sọ bóyá ìwọ lo wọ̀n yàrá náà, àbí wọ́n sọ ọ́ fún ọ ni.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mi ò ní wò, mi ò sì ní tún yà láti orí fóònù: àwòrán tí wọ́n ti fa ìlà pa ògiri kan, tí wọ́n fẹ́ wó o kí yàrá lè tóbi. Yálà búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 6 ni àbí ínǹṣì 9, fọ́tò kò lè sọ ohun tí ògiri yẹn ń gbé lórí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ lọ dúró lábẹ́ rẹ̀.

Mo gé ìwé, èmi àti Àǹtí sì jọ ń tì í kiri lórí fídíò. A kọ́kọ́ gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí igun, kí orí rẹ̀ wà lára ògiri fèrèsé, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fara ti ògiri gígùn. Wọ́dúróòbù wá bọ́ sí apá ìsàlẹ̀ yàrá, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí dáadáa. Ṣùgbọ́n tábìlì kò gbà mọ́ lábẹ́ fèrèsé: bẹ́ẹ̀dì oní-6 sí 6 pẹ̀lú pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 74, ínǹṣì 45 péré ló ṣẹ́ kù, tábìlì sì gùn tó 48. Ínǹṣì 3 péré ló dù wá. Àǹtí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Bí a bá wá ra ti mẹ́fà sí mẹ́rin àbọ̀ ńkọ́?"

Mo gé bẹ́ẹ̀dì náà kù. Ó di ínǹṣì 56 ní fífẹ̀, àyè 63 ṣẹ́ kù, tábìlì bọ́ síbẹ̀ wẹ́rẹ́, àga rí ibi tó máa dúró sí lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló máa sùn níbẹ̀, kí ló fẹ́ fi mẹ́fà sí mẹ́fà ṣe? Káfíńtà kò tíì fọwọ́ kan pákó, ó gbà láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù mi tún dún. Àwòrán kan ló wọlé, ewé ìwé ọmọléèwé bákan náà, bẹ́ẹ̀dì ti wà ní igun, ìlà ilẹ̀kùn tó ń ṣí wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, Àǹtí kọ ọ́ pé: "Mo ti pinnu. Wá tún un yà fún káfíńtà. Má ya ìrọ̀rí kankan sí i o."